"Òun" Inú Jòhánù 14:26: Ṣé Gírámà Ló Sọ Ẹ̀mí Mímọ́ Di Ẹni?

Níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Ọ̀bà-Àkókó, mo gbọ́ tí oníwàásù kan sọ pé èdè Gíríìkì ti parí àríyànjiyàn. Ó ní Jésù lo "òun" tó jẹ́ akọ fún Ẹ̀mí Mímọ́, nítorí náà ẹni ni Ẹ̀mí, kì í ṣe agbára lásán. Gbogbo wa ṣe àmín. Mo gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n òpó tó fi gbé e ró kò lè ru ẹrù yẹn.

Kì í rọrùn fún àwa Yorùbá láti rí ibi tí àlàyé náà ti wọ́. "Ó" là ń lò fún Ádámù, "ó" là ń lò fún Éfà, "ó" náà ni fún ewúrẹ́ àti àga. Ní Gíríìkì, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ló ní ẹ̀yà tirẹ̀: akọ, abo, tàbí ẹ̀yà kẹta tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Arọ́pò-orúkọ sì sábà máa ń bá ẹ̀yà ọ̀rọ̀ náà mu, bó ti wù kí ẹ̀dá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ní Mátíù 2:13, tí áńgẹ́lì ti kìlọ̀ fún Jósẹ́fù nípa Hẹ́rọ́dù, páídíọ́nì, ìyẹn ọmọdé, jẹ́ ẹ̀yà kẹta. Nítorí èyí, arọ́pò-orúkọ tó dúró fún Jésù níbẹ̀ kì í ṣe akọ. Ta ni yóò torí ìyẹn sọ pé ohun kan lásán ni Jésù?

Ẹ jẹ́ ká ka Jòhánù 14:26 lọ́nà kan náà. Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ló wà níbẹ̀ fún Ẹni kan ṣoṣo: Olùtùnú, parakílẹ́tọ́ọ̀sì, jẹ́ akọ, Ẹ̀mí, pineúmà, jẹ́ ẹ̀yà kẹta. Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa pè ní "ẹni tí" bá Ẹ̀mí mu ní Gíríìkì, kì í ṣe akọ rárá. "Òun" tó tẹ̀lé e ni akọ, torí Olùtùnú ló ń tọ́ka sí. Àwọn kan á sá lọ sí 16:13, níbi tí Ẹ̀mí ti sún mọ́ "òun" jù. Lójú tèmi, Olùtùnú tí a dárúkọ ní ẹsẹ 7 ni ọ̀rọ̀ ṣì dá lé.

Àṣìṣe kan náà ni ti àwọn tó ní Ẹ̀mí jẹ́ ìyá, nítorí pé ọ̀rọ̀ Hébérù tó dúró fún Ẹ̀mí ní Jẹ́nẹ́sísì 1:2 jẹ́ abo.

"Ẹni tí" yẹn yẹ kí a tún wò. Yorùbá kò fi arọ́pò-orúkọ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, ṣùgbọ́n ó ya ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun: "ta ni" yàtọ̀ sí "kí ni". Gírámà Gíríìkì kò fi dandan lé "ẹni tí" níbẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ ló yàn án, iṣẹ́ Ẹ̀mí nínú ẹsẹ náà sì gbè wọ́n: yóò kọ́ni, yóò ránni létí. Ní Ìṣe 13:2, Ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Éfésù 4:30 ní a lè mú un banújẹ́. Ká ní ibẹ̀ ni oníwàásù wa ti bẹ̀rẹ̀ ni, kì bá tí nílò Gíríìkì lọ́jọ́ náà.