Ètò tí ddrescue fi ń ka díìsìkì tó ń kú lọ

Ká ní háàdì ayàwòrán kan ní Ìkàrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há: fọ́tò ìgbéyàwó kan ń ṣí, èkejì kò ṣí. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń sáré lọ sí chkdsk /f, àṣìṣe ńlá sì ni. Ó máa ń kọ nǹkan sórí díìsìkì tó ń kú lọ náà, ó sì lè pa orúkọ fáìlì tí à bá rí yọ rẹ́. Ẹ̀dà ni ká kọ́kọ́ ṣe, sẹ́kítọ̀ sí sẹ́kítọ̀, kí gbogbo àtúnṣe tó kù wáyé lórí ẹ̀dà.

Ohun tí mo fi ń yin ddrescue, tí Antonio Diaz Diaz ṣe, ni ètò tó fi ń ka díìsìkì. Bí dd bá pàdé ibi tó bàjẹ́, yálà kó dúró, tàbí, tí a bá fipá mú un, kó máa forí gbá ibẹ̀, nígbà tí apá tó ṣì dára ń dúró de ikú. ddrescue máa ń fò kọjá ibẹ̀, á kó èyí tó rọrùn tán, á sì padà wá. Lẹ́yìn náà ló ń gé etí ibi tó bàjẹ́, kó tó wá máa yọ sẹ́kítọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpele ìkẹyìn yìí ló ń nira jù fún díìsìkì, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi -n dá a dúró ní àkọ́kọ́:

```
ddrescue -d -n /dev/sdb a.img a.map
ddrescue -d -r3 /dev/sdb a.img a.map
```

Fáìlì a.map ni ọkàn iṣẹ́ náà. Òun ló ń rántí ibi tí a ti kà àti ibi tí a fi sílẹ̀. Bí iná bá lọ lóru, àṣẹ kan náà ni a ó tún tẹ̀, yóò sì tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà dìde láti orí fíláàṣì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: inú ìrántí kọ̀ǹpútà lásán ni fólídà ilé rẹ̀ sábà máa ń wà, yóò sì parẹ́ bí iná bá lọ. Kó fi a.map àti a.img sórí díìsìkì kẹta tó láàyè tó.

Àléébù kan wà níbẹ̀. ddrescue kò mọ fáìlì. Bí díìsìkì 500GB bá ní fọ́tò 80GB péré, yóò ṣì máa fi ẹ̀mí díìsìkì náà ṣòfò lórí àyè òfo. Lórí NTFS, ddru_ntfsbitmap lè kọ ibi tí fáìlì wà sílẹ̀, kí a fi -m fún ddrescue pé ibẹ̀ nìkan ni kó kà. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka àyè inú NTFS fúnra rẹ̀ bá bọ́ sórí sẹ́kítọ̀ tó bàjẹ́, ọgbọ́n yìí ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí díìsìkì bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, tí iye tó wà lójú `rescued` kò sì gòkè mọ́, pa á. Orí tó ń ka díìsìkì lè ti fọ́, a kò sì lè fi àṣẹ kankan tún un ṣe.