Ìwọ̀n Ìṣòro Nínú Àyọkà Àpèkọ

Àṣà tí ó wọ́pọ̀ nínú yíyan àyọkà àpèkọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ ṣí ìwé kíkà, kí ó wá ibi tí gbólóhùn ti kúrú, kí ó sì mú un fún àwọn ọmọ kékeré. Èyí tí gbólóhùn àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá gùn, a fi í pa mọ́ de àwọn àgbà inú wọn. Òṣùwọ̀n yìí dára lójú, ṣùgbọ́n kò bá àkọtọ́ Yorùbá mu. Gígùn ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ń da ọmọ láàmú; ibi tí ohun tí etí gbọ́ ti yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ ni.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè hàn gbangba, kí a fi àyọkà méjì wé ara wọn. Èkínní nìyí: “Labalábá pupa fò. Kòkòrò dúdú sá. Dàda mú pẹ́pẹ́yẹ lọ.” Èkejì nìyí: “Adé ra epo. Ó rí i pé epo dára. Ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò fi èkejì fún kíláàsì 2, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ gígùn nínú rẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rù “labalábá” àti “pẹ́pẹ́yẹ” fún àwọn ọmọ náà. Àṣìṣe ni. Sílébù mẹ́rin ni “labalábá” ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń gbọ́ sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ ọ́. Kò sí ìpajẹ kankan nínú àyọkà náà, nítorí pé kọ́ńsónáǹtì ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú èkejì ẹ̀wẹ̀, bí olùkọ́ bá kà á bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, “repo” ni ọmọ yóò gbọ́ fún “ra epo”, “pépo” fún “pé epo”, “sílé” fún “sí ilé”. Ní “rí i” àti “gbé e”, fáwẹ̀lì tí ó fà gùn ni etí gbọ́, ọmọ sì ní láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Lẹ́yìn èyí ni “ẹ̀gbọ́n” tún dé, tí ó ń béèrè bóyá “an” tàbí “ọn” ni kí a kọ.

Láti ara àpẹẹrẹ yìí ni a lè rí àtẹ̀gùn tí àyọkà yẹ kí ó gbà gòkè. Àkọ́kọ́ ni àyọkà tí ó rí bí ti Dàda. Èkejì ni èyí tí ó ní fáwẹ̀lì àránmúpè: a ń kọ “ọn” lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, bí “ibọn” àti “ìwọ̀n”, a sì ń kọ “an” lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì yòókù, bí “ìtàn”. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ní fáwẹ̀lì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí “aago” àti “àánú”. Ìkẹyìn ni ìpajẹ àti arọ́pò orúkọ bí “rí i”. Ó tọ́ kí àyọkà kan ní ìdẹkùn tuntun kan ṣoṣo, kí olùkọ́ lè mọ ohun tí ó mú ọmọ.

Kíkà olùkọ́ pàápàá ń yí ìwọ̀n ìṣòro padà. Ẹni tí ó bá ka “ra epo” ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti yọ ìdẹkùn náà kúrò. Ẹni tí ó bá kà á ní “repo” ti dẹ ẹ́. Bí púpọ̀ nínú kíláàsì bá kọ “repo”, kì í ṣe àìmọ̀kọ ni ó fi hàn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n kọ, kò sì tọ́ kí a gba máàkì wọn. Bí àṣìṣe bá sì yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ, nígbà náà ni kí a wo ẹ̀kọ́ tí kò tíì wọlé. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí máàkì lẹ́tà, ti àmì ohùn àti ti ìpín ọ̀rọ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìwé tí a ti mú àyọkà náà gbọdọ̀ wà lábẹ́ àyẹ̀wò pẹ̀lú. Àwọn ìwé tí a tẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974 ń kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn”. Bí olùkọ́ kò bá tún wọn kọ kí ó tó pè wọ́n, ọmọ tí ó kọ “ayé” yóò pàdánù máàkì lórí ohun tí ó mọ̀.

Síbẹ̀, àtẹ̀gùn yìí kò lè rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe “ṣ” bí “s”, “ṣíbí” tí ó rọrùn fún ọmọ ibòmíràn lè di ìdẹkùn. Ọmọ Èkìtì tí ń sọ “ulé” nílé ní láti kọ́ “ilé” kí a tó fi pè é. Olùkọ́ tí ó bá fetí sí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ní àkókò ìsinmi ni yóò mọ ibi tí àtẹ̀gùn ti ga jù fún wọn.