Orúkọ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù àti Ẹnu Tí Yóò Pariwo Rẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin láti àdúgbò wa ní Àkókà wá kí mi. Wọ́n mú bébà kan dání. Ẹni tó ń bá wọn tẹ orúkọ sí jẹ́sì ti ń dúró dè wọ́n. Orúkọ tí ìgbìmọ̀ wọn fẹnu kò sí ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Àwọn Ọ̀dọ́ Onítẹ̀síwájú Àkókà. "Prọ́fẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá Yorùbá rẹ̀ dára."

Yorùbá rẹ̀ dára. Mo wá ní kí wọ́n pariwo rẹ̀ fún mi bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo kà á: ogún sílébù ni. Kí ẹ tó pè é tán, wọ́n á ti dá góòlù padà!

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí Stationery Stores ti Èkó. Orúkọ ilé iṣẹ́ Israel Adebajo, tó ń ta ohun èlò ìkọ̀wé, ni wọ́n fún ẹgbẹ́ náà. Orúkọ ìsọ̀ ni, kò sí ohun tó kan bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà sì gba ife Challenge ní 1967 àti 1968. Kí ni àwọn olólùfẹ́ ṣe sí orúkọ gígùn yẹn? Wọ́n pa á tì, wọ́n mú "Súpà": "Ọ́pù Súpà!" Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀: mí-dò, mí-dò. Ìlù gángan lè wí i, ọmọ kékeré lè wí i, "à" tó wà níparí rẹ̀ sì ṣeé fà títí èémí á fi tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Shooting Stars ti jẹ́ WNDC rí, IICC ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, wọ́n tún di 3SC. Ìjọba ń pààrọ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n "Ṣúútìn" ni ẹnu ń wí ṣáá, mí-mí-dò.

Mo jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ náà pé Àkókà fúnra rẹ̀ kò ní dára fún ariwo, torí fáwẹ̀lì ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ọ́pù" parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì, fáwẹ̀lì méjì á pàdé, ọ̀kan á sì jẹ ọ̀kan. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí èyí tó kéré jù nínú wọn fi kígbe: "Ọ́pàkókà!" Mo dákẹ́. Lóòótọ́, "ù" ti sọnù, ṣùgbọ́n ohun tó kù ni mí-dò-mí-dò, ohùn "Ọ́pù Súpà" gan-an! Ọmọ yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ibi tí mo ti bá wọn jà ni orúkọ ìnagijẹ. Idì ni wọ́n fẹ́, torí ẹyẹ náà ní agbára, wọ́n sì fẹ́ ya ìyẹ́ rẹ̀ sí àyà jẹ́sì. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń fi àmì ohùn sí i. Wọ́n ní kì í fi sí i. Á jẹ́ pé "IDI" lásán ló máa wà láyà yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ góòlù mẹ́ta ní Bàrígà, ta ló máa pè é ní re-dò? Dò-mí ni àwọn ará ibẹ̀ á pè é, onílù wọn á sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdí Àkókà! Wọn ò ní jáwọ́ nínú ẹ̀ títí sáà á fi parí. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sanwó àwòrán ẹyẹ.

Ní tèmi, wọn ì bá má tẹ ìnagijẹ kankan sí aṣọ rárá báyìí. Àwọn olólùfẹ́ Stores máa ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Adebajo Babes, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá náà ti kú ní 1969. Orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ràn ni. Flaming Flamingos náà wà o, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kò rí rí ni, etí mi kò sì gbọ́ ọ tó bí ojú mi ṣe rí i nínú ìwé ìròyìn. Àkókà nìkan kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀, mo mọ̀, níwọ̀n bí Yunifásítì ti wà níbí pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, UNILAG Marines. Àmọ́ láàárín sáà kan, agbábọ́ọ̀lù kan á ṣe nǹkan kan, tàbí igun òpópónà kan á di ibi ìpàdé, ẹnu á sì mú un.

Wọ́n gbà láti yọ idì kúrò. "Àkókà" ló máa wà láyà, pẹ̀lú àmì ohùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Alága wọn ṣì ní dandan ni kí "Onítẹ̀síwájú" wà lẹ́yìn, ní lẹ́tà kékeré. Mo ní kò burú.