Ipa Arọ́pò-Orúkọ Nínú Eré Aláwàdà Inú Dánfó Kan

Nínú eré kékeré tí a yẹ̀ wò yìí, òṣèré kan ṣoṣo ló ṣe kọ́ńdọ́tọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyá oníjà kan nínú dánfó Èkó láàárọ̀. Gèlè àti fìlà ló fi ń yí padà, àmọ́ arọ́pò-orúkọ ló ya ẹ̀dá ìtàn wọ̀nyí sọ́tọ̀ jù. Ìyá náà jágbe mọ́ ọmọkùnrin náà: "Sún sọ́hùn-ún! Ṣé o ti fẹ́ mi ni?" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, mà."

Owó ọkọ̀ jẹ́ náírà 500; ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n san. Kọ́ńdọ́tọ̀ kò ní ṣéńjì. Ó ki ẹgbẹ̀rún kan bọ ọmọkùnrin náà lọ́wọ́: "Mo ti so yín pọ̀ o!" Ọkọ̀ lọ. Bí ọmọ náà ṣe ń yára lọ, ìyá sáré tẹ̀ lé e: "Ọkọ mi, ẹ dúró dè mí!"

Ká ní "dúró" lásán ló wí ni, ìdajì ẹ̀rín náà ì bá sọnù. "O" ti di "ẹ" nítorí náírà 500. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán kò lè gbé èyí. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rí "ọkọ mi", kò ní rí ọ̀wọ̀ òjijì náà.

Àléébù kan wà: ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kọ́ńdọ́tọ̀ ẹnu ọ̀nà àti ìyá tó jókòó ń kọjú sí, ó sì ṣòro díẹ̀ láti mọ ẹni tó ń béèrè owó.

Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ dá fídíò náà dúró ṣáájú gbólóhùn ìkẹyìn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sọ ohun tí ìyá máa wí.