Ẹ̀ka Wo Ló Lò Ó?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kóòdù sí ínfọ́ìsì àwọn tó ń tajà fún ilé iṣẹ́ káfíńtà wa, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí náírà kọ̀ọ̀kan gbà lọ. Kóòdù méjì ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà: àkáǹtì ìnáwó, tó ń sọ irú ohun tí a ra, àti ẹ̀ka tó lò ó. Ti àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Èkejì ni mo fẹ́ràn, nítorí kì í sí nínú ínfọ́ìsì. Àfi kéèyàn dìde lórí àga.

Ẹ wo ti mẹkáníìkì tó tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦600,000, owó orí ọjà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ₦45,000. "Àtúnṣe jẹnẹrétọ̀" nìkan ló kọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí náà ẹni tó ń kánjú yóò di gbogbo rẹ̀ lé wọ́kíṣọ́ọ̀bù lórí. Ṣùgbọ́n iná yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ń lò. Mo lọ ka mítà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgọ́rùn-ún iná tí a lò lóṣù náà, wọ́kíṣọ́ọ̀bù lo 60, ṣọ́ọ̀bù lo 25, ọ́fíìsì lo 15. Bí mo ṣe pín owó náà nìyí:

```
6210  WKS  360,000
6210  SHP  150,000
6210  ADM   90,000
2205  VAT   45,000
```

₦45,000 yẹn kò sí lọ́rùn ẹ̀ka kankan. A ó yọ ọ́ nínú owó orí ọjà tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà kí a tó san ti ìjọba. Kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2026, a ò lè yọ ti irú iṣẹ́ báyìí, ṣe là ń dà á pọ̀ mọ́ owó àtúnṣe. Ká ní mo di gbogbo ₦600,000 lé wọ́kíṣọ́ọ̀bù lórí ni, yóò dà bíi pé àga ti wọ́n jù láti ṣe, ọ̀gá á fowó kún un, oníbàárà á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó tún ń múni ni pé sọ́fítíwíà máa ń rántí. Bí mo bá ti so 6210 mọ́ orúkọ mẹkáníìkì, òun náà ló máa gbé jáde nígbàkigbà, kódà lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá ta kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun ₦1,400,000 fún wa. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe; dúkìá tí a ó lò fún ọdún púpọ̀ ni, 1510 ló yẹ ẹ́. Nítorí náà, mo máa ń gbé ìnáwó oṣù mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí owó bá ti fò sókè lójijì, tàbí tó di òdo, ni mo ti ń fa ínfọ́ìsì yọ.

Àkáǹtì kan wà tí mo kórìíra: Oríṣiríṣi. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ti rẹ̀ ń sá lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mú ríṣíìtì ₦18,000 kan wá tí kò ní àlàyé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi í sí Oríṣiríṣi?" Mo ní kó gbé e padà fún ẹni tó ra nǹkan náà, kí onítọ̀hún kọ ohun tó rà àti ẹ̀ka tó lò ó sẹ́yìn rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ó lọ, ó dé: gúlóòbù ni, ti ṣọ́ọ̀bù.