Ṣé Ọmọdé Nìkan Ló Ń Sọ Pijin Di Odindi Èdè?

Àlàyé tí a máa ń kọ́ ní ilé-ìwé nípa Pijin kò gùn rárá. Àwọn àgbàlagbà tí èdè wọn kò papọ̀ pàdé níbi òwò tàbí lóko ẹrú, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ díẹ̀ jọ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Ìyẹn ni Pijin. Nígbà tó yá, wọ́n bímọ. Ọmọ náà kò gbọ́ èdè mìíràn, ó tún èyí tó bá nílé ṣe, ó sì di kiriolu, ìyẹn odindi èdè abínibí. Mo gbà pé apá kan òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ wọn, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká wo Sàró, nítorí ọ̀rọ̀ kàn wá níbẹ̀. Ní 1792, àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní 1,100 wá láti Nófà Sikóṣíà sí Firitaun. Ní 1800, àwọn Márúùnù láti Jàmáíkà tẹ̀ lé wọn, nǹkan bí 550. Lẹ́yìn 1807 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrú lójú òkun tí wọ́n sì ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀ pẹ̀lú: nínú ìwé Polyglotta Africana tí Koelle gbé jáde ní 1854 lẹ́yìn tó ti fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò ní Sàró, ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú ní àyè tirẹ̀.

Láàárín àwọn èèyàn yìí ni èdè Kirio ti dàgbà. (Àwọn kan sọ pé "akiriyó" tiwa ni orúkọ náà. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ "kiriolu" kan náà ni wọ́n gé kúrú.) Nínú rẹ̀ títí di òní, "kuṣẹ" ni ìkíni, láti ara "ẹ kú iṣẹ́". "Kọmọjade" ni ìkọ́mọjáde, "aṣọbi" sì ni aṣọ ẹbí. Ìkókó kì í sọ ara rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́ta kì í dá aṣọ ẹbí. Àgbàlagbà tó mọ àṣà wọ̀nyí nílé ló kó wọn wọ inú èdè náà. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwọn Márúùnù ti mú kiriolu tiwọn wá láti Jàmáíkà, tó fi jẹ́ pé kì í ṣe Firitaun ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wá ni ọmọdé ń ṣe? Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tó ṣe kedere jù jìnnà sí wa: Papua Niu Gini, níbi tí wọ́n ti ń sọ Tok Pisin. Gillian Sankoff àti Suzanne Laberge fi bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú èdè náà ṣe ń sọ ọ́ wé bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1973. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun yóò lọ lọ́jọ́ iwájú á fi "baimbai" ṣáájú gbólóhùn: "baimbai mi go". Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì dá dúró, bí ìgbà tí a bá ní "tó bá yá". Nígbà tó pẹ́, wọ́n gé e sí "bai", ó sì súnmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn àgbà pàápàá ti ń lò ó nínú gbólóhùn tó ti ní "lọ́la" nínú, níbi tí kò ti pọn dandan mọ́. Ohun tí àwọn ọmọ fi kún un ni pé wọ́n ń yára pè é, ohùn wọn kì í dúró lé e lórí, àfi bí ẹni ń gbé e mì. Ó ti di bíi "á" tiwa nínú "á lọ". Ẹ kíyè sí i pé ojú ọ̀nà tí àwọn òbí ti là ni àwọn ọmọ ń sáré lórí rẹ̀.

Ní Wárí àti Sàpẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi Pijin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ. Síbẹ̀, "a de chọp", "a dọn chọp", "a bin chọp" àti "a go chọp" kò dúró de àwọn ọmọ yìí kí wọ́n tó yàtọ̀ síra wọn. Ẹni tó kọ́ Pijin lọ́jà nígbà tó ti dàgbà mọ̀ pé "dọn" jọ "ti", "de" sì jọ "ń". Ẹni tó bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́, kó gbìyànjú láti fi "bin" sí ibi tí "dọn" yẹ kó wà, kó wá wo bí wọn yóò ṣe fi í rẹ́rìn-ín.

Ìyàtọ̀ tí mo rí wà níbòmíràn. Àgbàlagbà tó ń sọ Pijin ní èdè tó lè sá padà sí. Bí inú bá bí i, Urhobo tàbí Iṣẹ́kírì ni yóò fi bú èèyàn. Ọmọ tí kò ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ fi Pijin ja ìjà, kó fi ṣìpẹ̀, kó fi rọ́ àlá tó lá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ sí i, tí ẹnu sì ń yá. Ìdílé kan láti Sàpẹ́lẹ̀ ń gbé ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá wọn a máa bá ìyá tirẹ̀ sọ Urhobo lórí fóònù, yóò wá na fóònù sí ọmọ rẹ̀ kékeré, ìyá àgbà náà á sì yí sí Pijin lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà ń yára sọ tirẹ̀ ju ìyá àgbà lọ, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tí ọ̀kan sọ tí ìkejì ní kó tún un sọ.