Òpó Tó Fẹ̀ Jù: Bí Mo Ṣe Ka Àtẹ Máàkì JAMB Ọdún 2025

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní Bariga. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó mú àtẹ máàkì tí JAMB gbé jáde, ó fi ya àwòrán òpó, èyí tí à ń pè ní ìsítógíràmù, ó sì fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ ní Shomolu kó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo òpó àárín yìí. Ìdajì àwọn ọmọ ló wà nínú ẹ̀." Mo ní kó má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.

Òótọ́ ni ohun tó sọ. Nínú àwọn ọmọ 1,955,069, àwọn 983,187 ló gba 160 sí 199. Àwọn tó gba 140 sí 159 jẹ́ 488,197. Lójú àwòrán, òpó kìíní ga ní ìlọ́po méjì èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye máàkì tó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan. 160 sí 199 jẹ́ máàkì 40, 140 sí 159 jẹ́ 20 péré. Agbọ̀n ńlá á gba ọsàn ju agbọ̀n kékeré lọ, ìyẹn ò sọ pé ọsàn pọ̀ níbẹ̀ jù. Ẹ pín in: 983,187 sí ọ̀nà 40 jẹ́ nǹkan bí 24,580 ọmọ fún máàkì kan. 488,197 sí ọ̀nà 20 jẹ́ nǹkan bí 24,410. Ọgbọọgba ni wọ́n! Tí òpó ò bá fẹ̀ bákan náà, ohun tá a pín báyìí ló yẹ kó di gíga rẹ̀.

Ìgbà tá a tún un yà la wá rí ìrísí rẹ̀ gan-an. Lápá ọ̀tún, láti 200 sí 249, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 6,691 fún máàkì kan. Láti 250 sí 299, ó di 1,469. Ìrù rẹ̀ sì ń nà lọ díẹ̀díẹ̀ kọjá 300. Lápá òsì, ó já bí ẹni já sínú kòtò: láti 120 sí 139, 2,871 péré ni. Bí òkè bá dúró lápá kan, tí ìrù gígùn wà lápá kejì, à ń sọ pé máàkì náà tẹ̀ sí apá ìrù. Ọ̀tún ni èyí tẹ̀ sí. Kò sì sí ẹni tó kó jọ sábẹ́ àjà, torí 4,756 nìkan ló gba 320 sókè nínú 400. Tí ìdánwò bá rọrùn jù, ibẹ̀ lẹ ó ti rí òpó gíga, a ò sì ní mọ ọmọ tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀ ọ́n gan-an.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ má wá a ní òdo. Ìdáhùn mẹ́rin ni ọmọ ń yàn nínú wọn, nítorí náà ẹni tó kàn ń fọwọ́ tẹ̀ láìkàwé á gba nǹkan bí 100. Àwọn tí kò tó 120 jẹ́ 5,851 péré. Nítorí náà òkè yìí ò jókòó sórí ilẹ̀. Àwọn tó ní ọmọ 1,534,654 tí kò tó 200 "ò mọ nǹkan kan" kò ka àwòrán yìí rí.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsíákà Olóyèdé, ọ̀gá JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ba máàkì ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ Èkó 206,610 ló wà nínú wọn. Ọmọ Èkó sì ni tiwa ní Shomolu àti Bariga. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún gbogbo àwọn tó wà nínú àtẹ. Àwùjọ méjì ni wọ́n dà pọ̀ sínú àwòrán kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe fònẹ́tíìkì lọ́dọ̀ mi á rántí. Tá a bá wọn ìró ohùn ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, òkè méjì ló máa ń yọ, àfonífojì a sì wà láàárín. Iye àárín gbogbo wọn á bọ́ sí àfonífojì yẹn, níbi tí ohùn ò ti pọ̀. Ṣùgbọ́n òpó tó fẹ̀ tó máàkì 40 tàbí 50 lè bo irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni tí òkè méjì bá sún mọ́ra jù, wọ́n lè para pọ̀ di ẹyọ kan, kódà bí òpó bá tín-ín-rín. Nítorí náà n kò lè fi àtẹ yẹn sọ pé òkè méjì wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ohun tí mo bá JAMB wí fún nìyí: òpó wọn ò dọ́gba, wọn ò sì ya ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀. Ká ní wọ́n ya àwòrán Èkó lọ́tọ̀, ti Ọ̀yọ́ lọ́tọ̀, máàkì mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹni tó bá gbé wọn síra á rí i bóyá ọ̀kan ti ṣí kúrò níbi tí èkejì wà. Ìyẹn ò ní sọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n á jẹ́ ká béèrè nípa ẹ̀rọ ká tó bú ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti tún àwòrán tirẹ̀ yà. Ó ti gbé e lọ Shomolu.